Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí báàgì ìrìnàjò yìí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ ra báàgì tí màá máa gbé lọ Ìbàdàn ní wíkẹ́ńdì, lítà 40 ni wọ́n pè é, kánfáàsì tó nípọn, sípì onírin, ọwọ́ méjì àti okùn ìgbékọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi ní irú ẹ̀, mo wá kó ẹrù sínú tiẹ̀ wò: léèsì kan, àǹkárá mẹ́ta, tówẹ̀lì ńlá, bàtà méjì, ó ti kún nìyẹn, gèlè tí wọ́n ti wé kalẹ̀ ò ráyè rárá. Okùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, etí báàgì nìkan ni wọ́n rán an mọ́, kò gba abẹ́ kọjá, bẹ́ẹ̀ ojú rírán yẹn gan-an ni tèṣí ti já mọ́ mi lọ́wọ́ ní gáréèjì. Ṣé kí n rà á kí n gbé e fún ṣúmékà kó fi awọ lé e, àbí kí n wá èyí tí okùn ẹ̀ yí abẹ́ ká?