Àbọ̀: iṣẹ́ tí oníṣòwò Kútọnu fi ránṣẹ́

Ìbéèrè mi: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni '2,500 t' àti 'sous huitaine' nínú iṣẹ́ tí ẹni tó ń ta òrí fún ọ̀gá mi l'Ákúrẹ́ fi ránṣẹ́?"

Ẹ ṣé gan-an fún ìdáhùn yín. Bọ̀dá ògbufọ̀ ló là á yé mi: kọ́mà ni Faransé ń lò níbi tí àwa ń fi pọ́ìnti sí. Tọ́ọ̀nù méjì àtààbọ̀ ni, kì í ṣe 2500. Oníṣòwò náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, "2.5 tonnes" ni mo kọ sínú ìtumọ̀ tí mo ṣe fún ọ̀gá mi. Àyà mi já nígbà tí mo rí ìyàtọ̀ náà.

Àǹtí tó sọ pé ọjọ́ mẹ́jọ ni "huitaine" kò jìnnà sí i. Lẹ́nu oníṣòwò, ó dà bí "òní ọjọ́ mẹ́jọ" tiwa: ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo kọ "within one week", mo sì gba déètì gan-an lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bá Potogí ṣòwò, tó béèrè nípa tiwọn, kọ́mà kan náà ni àwọn náà ń lò.

"HT" tó wà lára iye owó ló kù. Owó orí kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò san án? A ṣì ń bá a sọ ọ́.