Ibi tí owó iná mi ń gbà lọ: mo tò ó bí owó tó dá padà lóṣù ṣe pọ̀ tó

Ìyá Ìbejì Àpẹ́tẹ́:
Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ wà ní Báńdì A, ẹ kú ìnáwó o. Náírà 209.5 ni yúnìtì kan ládùúgbò wa, wọn ò tíì ka owó orí mọ́ ọn. Èmi ti rò pé ríìnì tá a fi ń se omi ìwẹ̀ ló máa dá owó padà fún mi jù, àmọ́ gílóòbù ìta ló gba ipò kìíní.

Gílóòbù pupa méjì ni, 60 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, látìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú títí di aago mẹ́fà àárọ̀. Ọkọ mi ní ká má pa wọ́n nítorí olè, mi ò bá a jiyàn. Mo kàn fi ti LED oní-wáàtì 9 rọ́pò wọn. Ìyẹn dín bíi yúnìtì 33 kù lóṣù, ó lé díẹ̀ ní náírà 6,900.

Omi ìwẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ríìnì 1,500 wáàtì máa ń wà lórí iná fún nǹkan bíi wákàtí kan láràárọ̀. Ní báyìí, kẹ́ẹ̀gì dúdú tó ń wà nínú oòrùn lọ́sàn-án ni àwọn ọmọ fi ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìyá ọkọ mi nìkan là ń se omi fún láàárọ̀. Ó dín yúnìtì 30 kù, bíi náírà 6,300. Tí òjò bá dé, ẹ má retí iye yẹn.

Fíríísà ló ṣe ìkẹta. Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti le. Mo fi owó bébà há ẹnu ìdérí, mo pa á dé, owó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìjà. Yìnyín náà sì ń kórajọ sétí. Oníṣẹ́ fíríìjì pààrọ̀ rọ́bà yẹn, yúnìtì 20 ló lọ sílẹ̀, bíi 4,200. Owó tí mo san fún un jẹ èrè oṣù àkọ́kọ́ tán.

Yíyọ ṣájà fóònù kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ò tó yúnìtì kan lóṣù. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Gbénga Mọ́kọ́lá:
Àǹtí, ààbọ̀ garawa ni kí ẹ máa sè, kó hó dáadáa, kí ẹ wá fi omi tútù là á. Ìdajì iná lẹ ó máa jẹ.

Bàbá Wáyà:
Gbénga, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí omi garawa náà bá máa lọ́wọ́ọ́wọ́ bákan náà nígbẹ̀yìn, iye iná kan náà ló gbà, bóo fi gbogbo rẹ̀ sórí ríìnì tàbí ìdajì tó hó. Ibi tó o ti tọ̀nà ni pé àwọn kan máa ń se garawa kan títí yóò fi hó, wọ́n á tún wá dúró kó tutù kí wọ́n tó wẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ òfò.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ iye tí nǹkan yín ń jẹ, ẹ wo ojú mítà. Èyí tí wọ́n kọ `1000 imp/kWh` sí, iná pupa rẹ̀ máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀ẹ̀gbẹ̀rún kí yúnìtì kan tó tán. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nílé, ẹ tan ẹyọ kan, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Ríìnì Ìyá Ìbejì yóò ṣẹ́jú ní nǹkan bí ìgbà 25. Gílóòbù pupa kan, ẹ̀ẹ̀kan. Tí nọ́ńbà tiyín bá yàtọ̀, ìṣirò náà á yí padà. Fíríísà ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń tan, ó ń kú. Yúnìtì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lálẹ́ àti láàárọ̀.

Bẹ́ ẹ bá sì pa gbogbo nǹkan, tí iná mítà ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹlòmíì lè ti so wáyà mọ́ tiyín.

Ọmọ Agbowó:
Jẹnẹrétọ̀ mi kékeré ńkọ́? Epo lówó o!

Ìyá Ìbejì Àpẹ́tẹ́:
Bọ̀dá, iná mítà là ń sọ. Àmọ́ gílóòbù tẹ́ ẹ pààrọ̀ yẹn, jẹnẹrétọ̀ náà á mọ̀ ọ́n.

Àdùkẹ́ Bẹẹrẹ:
Ẹ ṣeun, àmọ́ mítà kan ṣoṣo ni gbogbo yàrá ilé wa ń lò, a sì ń dáwó dọ́gba-dọ́gba. Mo ra LED, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń dáná lórí họ́tì-pléètì. Èrè mi dà?

Bàbá Wáyà:
Àwọn kan máa ń ra mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àmọ́ onílé gbọ́dọ̀ gbà.

Àdùkẹ́ Bẹẹrẹ:
Onílé wa? Òun náà ló ń lo họ́tì-pléètì kejì.