Orúkọ ọmọ lórí káàdì ìsọmọlórúkọ: Níkẹ́ ni àbí Níkẹ̀ẹ́?

Bàbá Ọmọ Tuntun, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ìyàwó mi bí obìnrin lọ́jọ́ Ajé, ìyá mi sì ti ní Olanike ni òun máa pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ èyí tó máa wà lórí káàdì: «Ìwé-ìpè sí ayẹyẹ orúkọ-fífún ọmọ wa ọ̀wọ́n, Oláníkẹ́ Shobowale. Ìdílé Shobowale àti ìdílé Aiyedun.» Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ọ̀la ni atẹ̀wé máa gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú ewu ọmọ o. Àmọ́ «orúkọ-fífún» yìí, ibo lẹ ti rí i? Ìsọmọlórúkọ ni àwọn bàbá wa ń ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ kó kúrú á ní ìkómọ. Ẹni tó mú ìwé-ìpè wá ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ ló ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ síni. Ẹ kọ «A fi tayọ̀tayọ̀ ké sí yín síbi ìsọmọlórúkọ», kí ara àlejò balẹ̀. Orúkọ ọmọ, «Ọláníkẹ́» ni, kí ẹ fi àmì sábẹ́ Ọ. Mo ti rí àwọn kan tó ń kọ ẹ méjì sí ìdí rẹ̀. Àṣìkọ nìyẹn: àkọtọ́ 1974 ti lé lẹ́tà méjì-méjì kúrò nínú Yorùbá. Shobowale, ẹ kọ ọ́ ní Ṣóbọ̀wálé. Aiyedun, ẹ kọ ọ́ ní Ayédùn. Ó tán.

Àgbà Akọ́mọlédè, Ọ̀yọ́:
Ẹ ṣeun nípa orúkọ-fífún, ó ti ń bí mi nínú tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 1974 yẹn, ìdajì lẹ sọ. Lẹ́tà méjì tí kò dúró fún ohùn kankan ni wọ́n gé, bíi ti «Offa», tó di Ọ̀fà. Níbi tí ohùn bá ti fà, wọ́n ní ká kọ ọ́ ní méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan gba àmì tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí «õtọ» àtijọ́ fi di òótọ́, tí «ãnu» sì di àánú.

Ẹ wá tú orúkọ ọmọ wò. Ọlá ní ìkẹ́. Ìkẹ́ fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a so ó mọ́ «ní», fáwẹ̀lì ì pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò pa jẹ. Ó sún síwájú, ó lọ jókòó lórí kẹ́, ó sì fà á gùn: Ọláníkẹ̀ẹ́. Ẹ gbé Ọláníyì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn àárín ni iyì fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ohùn ìsàlẹ̀ tó máa sún, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í fa Ọláníyì. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó dúró sí ìloro kó pe Níkẹ̀ẹ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ kó tó tún gòkè. Tó bá kọ «Níkẹ́», ohùn òkè méjì ló tò léra, kò sì sí ìyá kankan tó ń pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta:
Ẹ máa bá mi dá sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé. Nígbà tí mo bí ìbejì mi, ìdílé bàbá wọn kọ «Kẹ́hìndé», àwọn ará ilé mi kọ «Kẹ́yìndé», káàdì méjèèjì sì jáde! Àwọn àlejò rò pé ìkómọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Títí di òní ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣì ń fi «h» kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Èwo ló tọ̀nà? Ọmọ náà ti ń bèèrè báyìí.

Àgbà Akọ́mọlédè:
Ẹ̀yìn là ń kọ lónìí, ìyá wa, nítorí náà Kẹ́yìndé. Ṣùgbọ́n ti Níkẹ̀ẹ́ yìí là ń bá bọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo gbọ́ pé ohùn ń fà. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá wálẹ̀ tó tún gòkè lórí fáwẹ̀lì kan, ẹ fi àmì onígun lé e: Ọláníkẹ̌. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó kọ́ mi ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó, Yorùbá rẹ̀ kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹ méjì ń mú kó dà bíi pé síílébù márùn-ún ni.

Atẹ̀wé Ṣómólú:
Ẹ̀yin alàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ojú iṣẹ́. Ẹ tó ní àmì sábẹ́ jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ẹ̀ kò ní ti wọn lódidi: ohùn jẹ́ àmì ọ̀tọ̀ tó gun orí lẹ́tà. Àwọn ìkọ̀wé ọlọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń yàn fún káàdì kì í ní àyè fún un. Ohùn náà á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbẹ̀. Nínú «Ọláníkẹ̀ẹ́», ibi ẹ méjì ìparí yẹn gan-an ló máa ń bàjẹ́. Ti onígun lórí ẹ, àpótí ni mo sábà máa ń rí. Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ, ẹ lè fi ọlọ́nà kọ ìyókù. Ẹ má tẹ orúkọ ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp kí ọmọ iṣẹ́ wá tún un tẹ̀. PDF ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí pépà kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n tẹ igba. Ojú ẹ̀rọ máa ń tannijẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ́tà ńlá gbogbo, ẹ yẹ ohùn orí Ẹ wò dáadáa, ibẹ̀ ni pépà máa ń gé e.

Arábìnrin Ìlá:
Kí ni orúkọ ọmọ ń ṣe lórí káàdì? Ọjọ́ Ajé lẹ bí i, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló pé ọjọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ náà ni a máa fi oyin àti iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, tí a óò sì pè é lórúkọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá ìyá á sọ tirẹ̀, àwọn ẹbí á sì máa ju owó sínú omi bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn. Káàdì tó ti kọ orúkọ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. «Ìsọmọlórúkọ ọmọbìnrin wa tuntun» ti tó. Ìwé ètò tí ẹ máa pín lọ́jọ́ náà ni kí Ọláníkẹ̀ẹ́ wà.

Bàbá Ọmọ Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá mi náà fẹ́ kó jẹ́ ìwé ètò. Orúkọ ìdílé nìkan ló kù tí a ò tíì fẹnu kò lé lórí: bàbá mi ní Shobowale ni òun ń fi buwọ́lù láti ìgbà tí òun ti wà ní ilé-ìwé.

Àgbà Akọ́mọlédè:
Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Orúkọ ìdílé ti di ìbuwọ́lù, òun ló wà nínú ìwé-ẹ̀rí gbogbo wọn. Ẹ kò lè fi káàdì ọmọ yí i padà láìbèèrè lọ́wọ́ ìdílé Aiyedun náà. Orúkọ tuntun ni ti ọmọ, kò tíì sí lórí ìwé kankan, nítorí náà ẹ kọ ọ́ dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ká wá máa kọ ọmọ ní Yorùbá, ká máa kọ bàbá rẹ̀ ní ti òyìnbó? «Sh» kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Oṣó bọ̀ wálé, Ṣóbọ̀wálé. Ẹ kàn fi àmì sábẹ́ gbogbo S tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìyá Ìbejì:
Gbogbo S kẹ̀? Sàlámì ni orúkọ ilé mi o! Ẹni tó bá fi àmì sí i, a jọ máa dọ́dọ̀ bàbá mi ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Orúkọ ìmàle nìyẹn, ìyá. Mo ń sọ ti Ṣó.

Arábìnrin Ìlá:
Ẹ ti sọ «gbogbo S», a kà á. Bàbá Ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹbí ìyàwó yín lálẹ́ òní bóyá Aiyedun tàbí Ayédùn ni wọ́n fẹ́, kí atẹ̀wé má bàa dúró.