Owó ṣinṣin mi fẹ́ lé: ẹ bá mi wo ohun tí mo kọ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣinṣin ni mo ń tà ní Bódìjà, orí Íńsítágíràmù ni mo ti ń polówó. Mi ò fẹ́ dín in kù nínú ike, torí oníbàárà tó bá ti gbé e dání á mọ̀. Ohun tí mo kọ sábẹ́ fọ́tò nìyí:

“Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ike ₦2,000 yóò di ₦2,500. Òróró àti fúláwà ló gbówó lórí. Ike ò kéré sí i, bọ́tà ò yí padà. Ẹni tó bá sanwó ṣáájú ọjọ́ náà, ₦2,000 náà ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” ṣáájú. Lójú tèmi, ẹ̀bẹ̀ á kàn jẹ́ kí wọ́n máa ná an ni. Kí lẹ rí sí i? Ṣé kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà àtijọ́ lórí Wáásáàpù?