Owó tó wọlé ni, àbí owó tó tọ́ sí ọdún?

Atúmọ̀ èdè, Ìbàdàn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ni mò ń túmọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń kọ́lé ọlọ́dún mẹ́ta, ìpele-ìpele ni wọ́n ń sanwó fún un. Iye tó lè kọ sínú ìwé ọdún yìí pé òun pa nídìí iṣẹ́ náà, kí la ó máa pè é? "Owó tó wọlé" ni mo kọ, ọkàn mi ò balẹ̀.

Olùkọ́ èdè: Kí ló ṣe "owó tó wọlé"? Ìpele tí sọ̀féyọ̀ bá ti fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ti sanwó rẹ̀, ti di owó ọdún yẹn. Ẹ má fi àdàpè ọ̀rọ̀ da ènìyàn láàmú.

Oníṣirò owó, Ìkẹjà: Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ilé ìwòsàn alájà mẹ́fà ni, 960 mílíọ̀nù náírà lowó rẹ̀, a sì rò pé 800 mílíọ̀nù la ó ná sí i. Lọ́dún kìíní, onílé ti san 400 mílíọ̀nù, torí àsansílẹ̀ ńlá wà nínú àdéhùn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé 400 la pa, irọ́ ni. Télọ̀ tó gba owó aṣọ ọdún tí kò tíì gé e kò tíì pa nǹkan kan.

Ilẹ̀ onílé la ń kọ́ ọ sí, òun ló ni gbogbo búlọ́ọ̀kù tá a bá tò. Ìdí nìyẹn tí IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, fi ní ká máa kọ owó náà sílẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ká má dúró dìgbà tá a máa kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ọ̀nà kan tá a fi ń mọ ibi tíṣẹ́ dé ni ká fi iye tá a ti ná wé gbogbo iye tá a máa ná. A ti ná 260 mílíọ̀nù. Àmọ́ 80 nínú rẹ̀ jẹ́ owó lífítì tá a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó ti di ti onílé, tó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, a ò tíì tú ọ̀rá lára rẹ̀. Rírà tá a rà á kò sọ pé ilé ti ga sí i. Nítorí náà, ẹ yọ lífítì kúrò nínú ìṣirò: 180 nínú 720, ìdá 25 nínú 100 nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó àdéhùn náà, ó ku 880; ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ 220. Ẹ wá dá 80 lífítì padà sórí rẹ̀ láìfi èrè kún un. Ó di 300 mílíọ̀nù. Ẹni tí kò bá yọ lífítì yóò kọ 312, ìyẹn ni pé yóò ti jẹ èrè mílíọ̀nù 12 tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún.

100 mílíọ̀nù tó ṣẹ́ kù nínú owó onílé, iṣẹ́ la jẹ ẹ́. Mo máa ń pè é ní "gbèsè iṣẹ́".

Olùkọ́ èdè: "Gbèsè iṣẹ́" dùn létí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ń sọ pé ìwọ̀n sọ̀féyọ̀ kò wúlò rárá ni?

Oníṣirò owó, Ìkẹjà: Ó wúlò, ibẹ̀ lẹ ti gbà á. Bí sọ̀féyọ̀ bá wọn iṣẹ́ tó ti dúró nílẹ̀ lóòótọ́, a lè lo ìwọ̀n yẹn dípò ìnáwó. Ọjọ́ tí owó dé báńkì ni kì í ṣe ìwọ̀n.

Agbaṣẹ́ṣe, Abẹ́òkúta: Ẹ bá mi dá sí tèmi. Mo kọ́lé fún ará òkè òkun kan, mo ti fi owó ara mi dé òrùlé, kò sanwó ìpele náà láti ọdún tó kọjá. Ṣé wọ́n ń sọ pé mi ò pa nǹkan kan ni?

Oníṣirò owó, Ìkẹjà: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti pa á. Bóyá ẹ ó rí i gbà lọ́rọ̀ mìíràn, ìwé tó yàtọ̀ sì ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ tètè wò ni iye tó kù kẹ́ ẹ ná. Bí símẹ́ǹtì àti irin bá ti wọ́n débi pé gbogbo ìnáwó máa ju owó àdéhùn lọ, gbogbo àdánù náà lẹ ó kọ lọ́dún tẹ́ ẹ ti mọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ pín in sórí ọdún tó ń bọ̀.

Atúmọ̀ èdè, Ìbàdàn: Ẹ ṣeun o. Ṣé "owó iṣẹ́ ọdún" á ṣe é?

Agbaṣẹ́ṣe, Abẹ́òkúta: Rárá o. Níbi iṣẹ́ wa, "owó iṣẹ́" ni tí bíríkìlà àti kápẹ́ńtà. Owó símẹ́ǹtì ò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ èdè: "Owó àṣejẹ" ńkọ́? Ohun téèyàn ṣe tó fi ń jẹun.

Agbaṣẹ́ṣe, Abẹ́òkúta: Ọ̀gá, ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Gbogbo wọn á kà á sí àsèjẹ, wọ́n á ní babaláwo la fẹ́ sanwó fún.

Oníṣirò owó, Ìkẹjà: "Owó tó tọ́ sí ọdún" lèmi fara mọ́. Ó gùn, àmọ́ kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Olùkọ́ èdè: Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Mo ṣì ń rò ó.