Ọjà tà, èrè kò sí: báwo lẹ ṣe ń ṣe ẹ̀dínwó yín?

Aláàdìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Búbù àdìrẹ ni mò ń tà láti Abẹ́òkúta, orí Wáàsáàpù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń rà á. Aṣọ, aró, owó télọ̀ àti ọ̀rá tí mo fi ń dì í ń ná mi ní ₦10,500 lórí ẹyọ kan, mo sì ń tà á ní ₦15,000. Mẹ́wàá ló sábà máa ń tà lọ́sẹ̀. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, mo kéde ẹ̀dínwó ọ̀sẹ̀ kan, mo dín in sí ₦12,000. Méjìlélógún ló tà! Ìgbà tí mo ka owó ló yà mí lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹyọ méjì péré ló tà, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé ìgbà wo la tún máa dín in. Ṣé kí n kúkú máa kọ ₦14,900 ni, àbí kí n kọ iye gíga kí n fagi lé e?

Oníbàtà Òṣogbo:
₦14,900 ni kó o kọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lojú oníbàárà ń wò. Kọ ₦25,000 sókè, fagi lé e, kó o wá kọ ₦14,900 sísàlẹ̀. Wọ́n á sáré wá. Gbogbo bàtà mi ló fi 900 parí.

Ìyá Oníṣirò:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka owó náà. Ní ₦15,000, èrè yín jẹ́ ₦4,500. Ẹ wá yọ ₦3,000, inú èrè nìkan ló sì ti jáde, torí télọ̀ àti aláró kò bá yín dín tiwọn. Ó ku ₦1,500. Búbù mẹ́wàá ń mú ₦45,000 wá tẹ́lẹ̀. Méjìlélógún wá mú ₦33,000. Ọgbọ̀n lẹ gbọ́dọ̀ tà kí ẹ tó padà síbi tí ẹ wà. Kí ẹ tó kéde ẹ̀dínwó, ẹ fi èrè tuntun pín èrè àtijọ́, ẹ ó rí iye ìgbà tí ọjà gbọ́dọ̀ fi pọ̀ sí i. Tiyín jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ tún wo orúkọ àwọn tó rà. Bó bá jẹ́ àwọn oníbàárà àtijọ́ ló pọ̀ jù, a jẹ́ pé aṣọ tí wọn ì bá rà ní ₦15,000 lọ́sẹ̀ kejì lẹ tà fún wọn ní ₦12,000. Ohun tó jẹ́ kó ku méjì nìyẹn.

Oníbàtà, ₦14,900 ń ṣiṣẹ́ torí pé 15 di 14. Láti ₦15,500 sí ₦15,400, ẹ kàn ń sọ ₦100 nù ni. Ibi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ sí ni ọjà tí wọ́n ń tà ní ₦14,300: ẹ gbé e dé ₦14,900, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í han oníbàárà. Àmọ́ ₦25,000 tí a kò tà rí, irọ́ ni. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 kò gbà kí a fi iye owó tan èèyàn jẹ. Iye gíga tòótọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Bẹ́ ẹ bá ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti láfún ya, ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde ní ₦38,000, kí búbù tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti rí ₦38,000 kò ní pariwo lórí ₦15,000, bí ẹlẹ́kọ ò tiẹ̀ tà.

Ìyá Aláta Bódìjà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, tèmi ò gba kíkọ. Wọ́n bá ní kí n dín owó, èènì ni mo máa ń fún wọn. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ata ń rọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Oníṣirò:
Màmá, ẹ dín in kíákíá! Ata tó máa bàjẹ́ kò ní owó kankan lára mọ́ tó bá di Mọ́ńdè. Àdìrẹ kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi yàtọ̀. Àfi aṣọ tí àwòrán ara rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀ nìkan ni kí Aláàdìrẹ dín.

Aláàdìrẹ, èènì yẹn gan-an ni ọ̀nà àbáyọ yín. Ẹ fi àjákù aṣọ rán gèlè kékeré. Bó bá ná yín ní ₦600, tí ẹ sì lè tà á ní ₦2,000, ojú ₦2,000 ni oníbàárà á fi wò ó. Ẹ fi í kún búbù títí di alẹ́ Jímọ̀ọ́. Èrè yín á wà ní ₦3,900, búbù méjìlá á sì ti kọjá ₦45,000. ₦15,000 yín ò sì yí padà lójú wọn.

Aláàdìrẹ Ìtòkú:
Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Ẹni tó bá wá ní àárọ̀ Sátidé ńkọ́, tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá òun dúró?

Ìyá Oníṣirò:
Bí àkókò tó wà lórí rìsíìtì báńkì bá jẹ́ kó tó di alẹ́ Jímọ̀ọ́, ẹ fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má fún un. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé Jímọ̀ọ́ yín kì í ṣe Jímọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó máa yára mọ́.

Oníbàtà Òṣogbo:
Èmi máa fún un o. Oníbàárà tó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé torí gèlè ₦600 ni kí n ṣe lé e lọ?