Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìntáfíù mi: wọ́n ti pè mí o

Ìbéèrè mi nígbà yẹn: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé. Bí wọ́n bá bi mí ní ìrírí iṣẹ́, kí ni kí n sọ?"

Ẹ ṣeun gan-an. Iṣẹ́ alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ni.

Ẹ̀gbọ́n tó máa ń gbani síṣẹ́ ló là mí lójú: kí n yé sọ pé "a ṣe", kí n sọ ohun tí ọwọ́ èmi fúnra mi ṣe. Mo sọ ti ìrẹsì tí a pín ní mọ́ṣáláṣí nígbà ààwẹ̀. Àpò 120 ló wọlé, ìwé ní 113 ti jáde, àpò 4 péré ló kù nílẹ̀. Mo wádìí, àṣé ìyá mẹ́ta ti gba tiwọn láìtẹ̀ka nígbà tí ẹni tó mú ìwé lọ kírun. Láti ọjọ́ kejì, ẹni tí kò bá tẹ̀ka kò gbé àpò. Ọ̀gá tó ń ṣe ìntáfíù bi mí pé ta ló mú ìwé. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ibẹ̀ ni mi ò bá ti há.

Ẹni tó ní kí n pe ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ mi ní iṣẹ́ olówó oṣù, ìdajì òótọ́ ni. Mo kọ ọ́ sínú síífì, ṣùgbọ́n "ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, oṣù 8" ni mo kọ. Wọ́n sì pe ìyá aránṣọ lóòótọ́!



Iṣẹ́ àṣekágbá mi nílé ìwé ni mo fi kọsẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi yan àkòrí náà, mo ní olùkọ́ ló yàn án. Mi ò tíì mọ ohun tí ǹ bá sọ.